Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun tí Mítà Eré Yóò Sọ Nígbà tí Yìnyín Bá Dí Túùbù Pítò

Bí a bá bi àwọn tí ń kọ́ ìwakọ̀ òfuurufú léèrè ohun tí mítà eré yóò ṣe nígbà tí yìnyín bá dí túùbù pítò, ìyẹn túùbù tó kọjú sí iwájú ọkọ̀ tí mítà náà fi ń gba afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé ọwọ́ mítà náà yóò já wálẹ̀ sí òdo. Ìdáhùn yìí tọ̀nà bí ihò iwájú túùbù náà nìkan bá dí. Bí ihò méjèèjì tó wà lára túùbù náà bá dí, ọwọ́ mítà kò ní já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni yóò máa lọ sókè bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè, títí awakọ̀ yóò fi gbà gbọ́ pé eré òun ti pọ̀ jù, nígbà tí eré náà ń tán lọ ní ti gidi. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ lè sọ, kí ó tó ṣẹlẹ̀, ibi tí ọwọ́ mítà yóò kọjú sí àti iye tí yóò fi kúrò níbi tí ó wà.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ mú bébà, bírò, àti ẹ̀rọ ìṣirò tí ó ní àmì √. Bí ẹ bá ní ètò ìwakọ̀ òfuurufú lórí kọ̀ǹpútà tí ó fàyè gba dídí túùbù pítò, yóò wúlò fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ohun tó kù ni iye ìfúnpá afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n gíga mélòó kan, ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá bá ìwọ̀n àgbáyé mu. A ń fi hẹkitopásíkà wọn ìfúnpá yìí, etí òkun sì ni 1013.25 ti wà:

- 5,000 ẹsẹ̀ bàtà: 843.1
- 5,500 ẹsẹ̀ bàtà: 827.4
- 6,000 ẹsẹ̀ bàtà: 812.0
- 6,500 ẹsẹ̀ bàtà: 796.8
- 7,000 ẹsẹ̀ bàtà: 781.9

Iye márùn-ún yìí ni a ó lò títí dé òpin.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ya ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé inú mítà kọ̀ọ̀kan

Ẹ ya túùbù pítò kan tí ó kọjú sí iwájú ọkọ̀. Ihò tó wà ní ẹnu rẹ̀ ni a ó máa pè ní ihò iwájú. Ẹ ya ihò kékeré kan sí i tí omi òjò máa ń gbà jáde, ẹ pè é ní ihò ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ihò mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ara ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kọjá láìkọlu ihò náà. Ihò ẹ̀gbẹ́ nìyẹn.

Ihò ẹ̀gbẹ́ ń gba ìfúnpá afẹ́fẹ́ àyíká nìkan, èyí tí ó máa ń dínkù bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè. Ihò iwájú ń gba ìfúnpá àyíká yìí kan náà, pẹ̀lú èyí tí eré ọkọ̀ dá sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kọlu ẹnu túùbù tí ó sì dúró gbagidi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí tí eré dá sílẹ̀ ní ìfúnpá eré, kí a sì pe àwọn méjèèjì pọ̀ ní àpapọ̀ ìfúnpá.

Ẹ wá ya mítà mẹ́ta. Inú mítà gíga ni àpò irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tí a sì dí pa. Ihò ẹ̀gbẹ́ ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí àyíká àpò náà, bí afẹ́fẹ́ yìí bá sì fúyẹ́, àpò á wú, ọwọ́ mítà á fi gíga tó pọ̀ sí i hàn. Mítà ìgòkè náà ń gba afẹ́fẹ́ láti ihò ẹ̀gbẹ́ nìkan, ó sì ń wo bí ìfúnpá ṣe ń yí padà kíákíá tó. Mítà eré nìkan ni ó ní ọ̀nà méjì: àpapọ̀ ìfúnpá láti túùbù pítò ń wọ inú àpò rẹ̀, afẹ́fẹ́ láti ihò ẹ̀gbẹ́ sì yí àpò náà ká. Ohun tí ó ń fi hàn ni bí inú àpò ṣe ju ìta rẹ̀ lọ.

*Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé:* Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fa ìlà láti túùbù pítò lọ sí mítà gíga. Kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Yìnyín tí ó wà lórí túùbù pítò nìkan kò lè ba mítà gíga tàbí mítà ìgòkè jẹ́, òun ni ó sì fi jẹ́ pé awakọ̀ ṣì ní ẹlẹ́rìí méjì tí ó lè gbára lé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ka àwọn ìlà tó wọ inú mítà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin: ẹyọ kan láti túùbù pítò, mẹ́ta láti ihò ẹ̀gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ eré di ìfúnpá

Àgbékalẹ̀ tí àwọn tó ṣe mítà eré tẹ̀ lé nìyí:

```
q = 0.5 × 1.225 × V²
```

q ni ìfúnpá eré ní pásíkà, V ni eré ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1.225 sì ni ìwúwo afẹ́fẹ́ létí òkun. Eré 100 nọ́ọ̀tì jẹ́ mítà 51.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, a ó rí nǹkan bí pásíkà 1,620. Bí a bá pín in sí 100, ó di hẹkitopásíkà 16.2. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kúkúrú yìí, tí V rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì tí q rẹ̀ sì jẹ́ hẹkitopásíkà, tó fún gbogbo ohun tí ó kù:

```
V = 100 × √(q / 16.2)
```

Ẹ kíyè sí bí 16.2 ti kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ 812 tí ó jẹ́ ìfúnpá àyíká ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà. Láti 6,000 dé 5,000, ìfúnpá àyíká yí padà pẹ̀lú 31.1. Èyí já sí pé gbogbo ohun tí mítà ń kà sí 100 nọ́ọ̀tì kò ju ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 525 lè dá sílẹ̀ lọ. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Mítà eré kò mọ bóyá eré ni ó yí ìfúnpá padà tàbí gíga, bí ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ bá sì dí, gíga yóò dà bí eré lójú rẹ̀, yóò sì pọ̀ gan-an.

*Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé:* Àwọn kan máa ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ ti 6,000 ẹsẹ̀ bàtà rọ́pò 1.225. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mítà kò mọ ìwúwo afẹ́fẹ́ tí ó wà níta. Bí ti etí òkun ni wọ́n ṣe to ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ń fi 100 nọ́ọ̀tì hàn ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá ní nǹkan bí 109 nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá níhìn-ín ni ohun tí mítà yóò sọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi 50 nọ́ọ̀tì ṣe é. Bí eré bá di ìdajì, ìfúnpá rẹ̀ di ìdámẹ́rin, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ súnmọ́ 4. Bí ẹ bá rí 8, ẹ ti gbàgbé láti sọ V di ìlọ́po ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́kọ́ pinnu ihò tí ó dí

Bí yìnyín bá dí ihò iwájú ṣùgbọ́n tí ihò ìsàlẹ̀ ṣì ṣí, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú túùbù yóò gba ihò ìsàlẹ̀ jáde títí tí inú túùbù yóò fi bá àyíká dọ́gba. Inú àpò mítà àti ìta rẹ̀ yóò wá jẹ́ ọ̀kan náà, ọwọ́ mítà yóò sì lọ sí òdo tàbí ìtòsí rẹ̀. Ó lè lọ wéré, ó sì lè máa rọra lọ bí yìnyín bá ń dí ihò náà díẹ̀díẹ̀. Èyí bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n kò fara pa mọ́, nítorí kò sí awakọ̀ tí yóò gbà gbọ́ pé ọkọ̀ òun dúró sójú kan nínú òfuurufú.

Bí ihò iwájú àti ihò ìsàlẹ̀ bá dí pọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú túùbù ní ìṣẹ́jú tí wọ́n dí ni yóò há síbẹ̀. Àpapọ̀ ìfúnpá inú àpò kò ní yí padà mọ́, ohunkóhun tí eré ọkọ̀ ìbáà ṣe. Ìta àpò nìkan ni yóò máa yí padà, ìta àpò sì ń tẹ̀ lé gíga.

*Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé:* Nínú ipò kejì yìí, bí ọkọ̀ bá ń fò ní gíga kan náà, kò sí ohun tí yóò dà bí ẹni pé ó bàjẹ́. Ọwọ́ mítà yóò dúró síbi tí ó wà gan-an. Mo rò pé ibí yìí ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni fura: awakọ̀ wo mítà, ó rí 100, ó sì yíjú sí nǹkan mìíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ bi ara yín pé, bí mo bá dín agbára ẹ́ńjìnnì kù láìyí gíga padà, ǹjẹ́ ọwọ́ mítà yóò yí padà? Bí túùbù bá mọ́, yóò wálẹ̀. Bí ihò méjèèjì bá dí, kò ní mira.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ìṣirò ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kékeré kan tí ń gòkè nínú ìkùukùu ní 100 nọ́ọ̀tì, tí awakọ̀ rẹ̀ gbàgbé láti tan iná amóoru túùbù pítò. Nígbà tí ó dé 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, yìnyín dí ihò iwájú àti ihò ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó há sínú túùbù jẹ́ 812.0 pẹ̀lú 16.2, ìyẹn 828.2. Ẹ kọ iye yìí sókè bébà yín, nítorí kò ní yí padà mọ́.

Awakọ̀ ń bá ìgòkè lọ, eré rẹ̀ gidi sì ṣì jẹ́ 100. Ní 6,500 ẹsẹ̀ bàtà, ìta àpò ti di 796.8. A yọ ọ́ kúrò nínú 828.2, ó ku 31.4. A pín in sí 16.2, a wá √ rẹ̀, a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100: mítà ń fi 139 nọ́ọ̀tì hàn. Ní 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, 828.2 dín 781.9 jẹ́ 46.3, mítà sì ti dé 169. Ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kan péré ti fi 69 nọ́ọ̀tì kún eré tí kò kúrò lójú kan.

Ẹ wá fi ara yín sí ipò awakọ̀ náà. Ó rí i pé eré ń pọ̀, ó rò pé imú ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù, ó gbé e sókè. Bí imú ṣe lọ sókè, ọkọ̀ gòkè kíákíá sí i, ìfúnpá ìta sì tún lọ sílẹ̀, nítorí náà mítà tún fi eré tó pọ̀ jùyẹn lọ hàn. Ó tún gbé imú sókè. Bí ó ṣe ń tọ́jú àrùn tí kò sí, eré gidi ń tán nídìí ọkọ̀, títí apá ọkọ̀ kò fi ní lè gbé e dúró mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ ni, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ní 5,500 ẹsẹ̀ bàtà, 828.2 dín 827.4 ku 0.8 péré, mítà sì ń fi nǹkan bí 22 nọ́ọ̀tì hàn. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ìta yóò ju inú lọ, ọwọ́ mítà yóò sì jókòó sórí òdo. Ẹni tí kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ yóò ti imú ọkọ̀ wálẹ̀ láti wá eré, yóò sì wọ inú eré tó lè ya ọkọ̀.

Ìgòkè yìí ti pa ènìyàn rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1974, ọkọ̀ Boeing 727 kan gbéra láti New York lọ sí Buffalo pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré nínú rẹ̀. Wọn kò tan iná amóoru túùbù pítò. Bí wọ́n ti ń gòkè, mítà eré ń lọ sókè, agogo ìkìlọ̀ pé eré ti pọ̀ jù dún, wọ́n sì ń gbé imú ọkọ̀ sókè sí i. Nígbà tí ọ̀pá ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti kìlọ̀ pé apá ọkọ̀ fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n ka ìgbọ̀nrìrì náà sí ti eré tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ náà já bọ́ láti nǹkan bí 24,800 ẹsẹ̀ bàtà, gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú.

*Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé:* Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ìyọkúrò láti iye tuntun lọ sí iye tuntun, bí ẹni pé àpapọ̀ ìfúnpá náà ń yí padà. 828.2 ni ẹ ó máa yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, títí yìnyín yóò fi yọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ padà sí 6,000 ẹsẹ̀ bàtà lórí bébà. Ìdáhùn yín gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 gẹ́lẹ́, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ń sáré 70 tàbí 130 nígbà náà. Bí ẹ bá ní ètò orí kọ̀ǹpútà, ẹ dí túùbù pátápátá ní 6,000, kí ẹ fi gíga nìkan darí ọwọ́ mítà lọ sókè àti sílẹ̀. Bí ètò náà bá gbé e lọ sí òdo lójú ẹsẹ̀, ihò iwájú nìkan ni ó dí, kò sì bá ìṣirò yìí mu.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ihò ẹ̀gbẹ́ tó dí

A kò ní pẹ́ níbí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Bí ó bá jẹ́ ihò ẹ̀gbẹ́ ni ó dí ní 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, mítà gíga yóò dúró pa sórí 6,000, mítà ìgòkè yóò dúró sórí òdo, mítà eré yóò sì ṣe òdìkejì ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò: yóò wálẹ̀ nígbà ìgòkè, yóò lọ sókè nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 ní 5,500 ẹsẹ̀ bàtà yóò ní àpapọ̀ ìfúnpá 827.4 pẹ̀lú 16.2. Bí a bá yọ 812.0 tó há sí ìta àpò kúrò, ó ku 31.6, ìyẹn nǹkan bí 140 nọ́ọ̀tì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ wo mítà gíga nígbà tí ọkọ̀ ń gòkè. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí mítà eré sì ń ṣe ségesège, túùbù pítò ni kí ẹ fura sí.

Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe, ní títẹ̀léra

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ yọ ìbòrí túùbù pítò, ẹ wo ihò méjèèjì, ẹ tan iná amóoru fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ túùbù náà láti mọ̀ bóyá ó ń gbóná. Ẹ má ṣe dì í mú, nítorí ó lè jó ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa iná náà. Nínú òfuurufú, ẹ tan án kí ẹ tó wọ inú ìkùukùu tàbí òjò nígbà tí ìwọ̀n ooru ìta bá súnmọ́ ibi tí omi ti ń dì, ní ìbámu pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ yín. Ẹni tí ó dúró títí yóò fi rí yìnyín lára apá ọkọ̀ ti pẹ́, nítorí ohun tínínrín bíi túùbù pítò máa ń tètè kó yìnyín ju apá lọ.

Bí mítà eré bá wá sọ ohun tí kò bá ipò ọkọ̀ mu, ẹ má lé ọwọ́ mítà náà. Ẹ kọ́kọ́ fi imú ọkọ̀ sí ipò tí ẹ mọ̀ lórí mítà tí ń fi ìdúró ọkọ̀ hàn, kí ẹ sì fi agbára ẹ́ńjìnnì sí iye tí ẹ mọ̀. Ipò imú kan pẹ̀lú agbára kan máa ń fún ọkọ̀ ní eré kan náà, yálà mítà gbà bẹ́ẹ̀ tàbí kò gbà. Ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ iye wọ̀nyí sílẹ̀ fún ìgòkè, fún fífò ní gbọọrọ àti fún ìsọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná amóoru bí kò bá tíì tàn, kí ẹ kúrò nínú ìkùukùu tàbí kí ẹ wá ibi tí ó móoru, kí ẹ sì fún yìnyín ní àyè láti yọ́.

*Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé:* Àwọn kan máa ń fi eré orí ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń fúnni rọ́pò mítà eré pátápátá. Ó wúlò láti fi dá irọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀: bí ẹ̀fúùfù 30 nọ́ọ̀tì bá ń ti ẹ̀yìn wá, ọkọ̀ tí apá rẹ̀ ń rí 60 péré yóò máa fi 90 hàn lórí ilẹ̀.

Ẹ tún rántí pé iná amóoru ní òpin agbára rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2009, ọkọ̀ Airbus A330 tí ń ti Rio de Janeiro lọ sí Paris wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí èérún yìnyín dí àwọn túùbù pítò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbóná. Eré tí mítà ń fi hàn já wálẹ̀, ẹ̀rọ tí ń dá ọkọ̀ wà sì já ara rẹ̀ sílẹ̀. Dídí náà kò tó ìṣẹ́jú kan. Láàárín àkókò náà, wọ́n ti gbé imú ọkọ̀ sókè, wọn kò sì gbé e padà wálẹ̀ tó kí apá lè tún gba ọkọ̀ dúró, bí àwọn mítà tilẹ̀ ti bọ̀ sípò. Àwọn ènìyàn 228 ni ó kú. Ipò imú àti agbára ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ náà ń lò kí mítà tó bàjẹ́ ìbá ti gbé e kọjá ìṣẹ́jú yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nígbà tí ẹ bá rò pé yìnyín ti yọ́, ẹ má tíì gba mítà eré gbọ́. Ẹ dúró ní gíga kan náà, ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Bí ọwọ́ mítà bá rọra wálẹ̀, tí ó sì padà sókè nígbà tí ẹ dá agbára náà padà, túùbù ti ṣí.